Ọ̀gá àtijọ́ tí a kò rí mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ fún Kánádà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa ló ń múra láti lọ Kánádà lábẹ́ ètò Express Entry, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì lórí iṣẹ́ tó ti ṣe àtàwọn nǹkan mìíràn, tí wọ́n á sì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó. Ìwé tó sì máa ń há mọ́ wọn lọ́wọ́ jù ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, pàápàá tí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ bá ti kógbá wọlé, tàbí tí ọ̀gá kò gbé fóònù mọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá la kó jọ síbí. Atẹ̀wé ni wá o, a kì í ṣe lọ́yà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ju agbára wa lọ, a ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi tẹ ìwé náà lórúkọ iléeṣẹ́ mi àtijọ́, màá wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Èló ni kí n san?

A ò ní tẹ̀ ẹ́, iye yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ san. A ò ní ya orúkọ iléeṣẹ́ tó ti pa sórí bébà, a ò ní gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀, a ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa síbẹ̀ ká lè máa dáhùn bí ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá pè. Wọ́n ti bẹ̀ wá pé ká ṣe ìkẹta yìí náà rí.

Ohun tí a lè ṣe ni pé ká bá yín tẹ ohun tí ọ̀gá yín lè wò kọ. Ẹ ó fi ránṣẹ́ sí i, òun ó kà á, á yọ èyí tí kò bá fara mọ́, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé, "Lọ kọ ọ́ wá kí n wò ó." Kì í ṣe ẹni tó tẹ ìwé ni wọ́n ń wò bí kò ṣe ẹni tó fọwọ́ sí i, bóyá ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá ó sì ní àṣẹ láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ta ni mo pa irọ́ fún?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wúwo jù, torí òótọ́ ló máa ń wà lẹ́nu ẹni tó ń bi í. Ó ṣiṣẹ́, ó gba owó oṣù, iléeṣẹ́ ló kú mọ́ ọn lójú.

Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀rí ẹlòmíì ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Ẹ̀yin ti sọ tiyín nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ, ìwé yẹn ló wá gbè yín lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ fúnra yín, tẹ́ ẹ fi orúkọ ọ̀gá sí i, ẹnu yín ló tún padà sọ̀rọ̀, ẹ kàn yí ohùn padà ni. Irọ́ tó wà níbẹ̀ kò sí lára iṣẹ́, ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló wà.

Ojú tí òfin Kánádà sì fi wò ó nìyẹn. Abala 40 òfin wọn lórí àwọn tó fẹ́ wọlé sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ hàn, tàbí tó bo ohun tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, kò ní lè wọlé fún ọdún 5, kò sì ní lè béèrè ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ títí ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọdún 2 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di 5. Nílé níbí, ayédèrú ìwé lèyí náà ń jẹ́. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí i ní abala 467.

Ohun tó ń dùn wá jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ló ń fi ayédèrú ba òótọ́ tirẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá ti rí i pé ìwé kan kì í ṣe ojúlówó, kò sẹ́ni tó tún ń fi ojú tó mọ́ wo èyí tó kù.

Báwo ni wọ́n ṣe lè mọ̀ láti Kánádà lọ́hùn-ún?

Ara ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iléeṣẹ́ kan ti pa láti 2020, ìwé rẹ̀ wá ní déètì 2024 lórí. Adírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà fóònù tó wà fún ọ̀gá kò sí lórí ohunkóhun mìíràn tí iléeṣẹ́ náà tẹ̀ jáde rí. Ímeèlì tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ẹ fi mọ́ ọn ní ímeèlì iléeṣẹ́ gan-an.

Àmì kejì ni apá tó ń sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Kánádà ní àkọsílẹ̀ oríṣi iṣẹ́ tó ń jẹ́ NOC, ojúṣe tó wà lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń kó ọ̀rọ̀ yẹn síwèé bó ṣe wà gan-an, títí kan àmì ìdánudúró. Ọ̀gá gidi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Yóò sọ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá báńkì ṣe é tí owó bá há, ẹ sì máa ń fi ìwé ọjà tó wọlé ní èbúté wé ti ilé ìkẹ́rùsí bóyá wọ́n bára mu.

Òṣìṣẹ́ wọn tún lè pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé, ó sì lè kọ̀wé síbẹ̀. Tí nǹkan bá rú u lójú, ó máa ń kọ lẹ́tà sí yín pé ohun báyìí-báyìí ń kọ òun lóminú, kẹ́ ẹ fèsì láàárín iye ọjọ́ kan. Ẹni tó fi òtítọ́ ránṣẹ́ ní nǹkan tó máa fi dáhùn. Ẹni tó fi ayédèrú ránṣẹ́ á tún wá ayédèrú mìíràn.

Kí gan-an ni wọ́n fẹ́ rí nínú ìwé náà?

Orúkọ yín, orúkọ, adírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì iléeṣẹ́ lórí bébà tiwọn, orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lùwé ọ̀gá tó wà lórí yín tàbí ti ẹni tó ń rí sí òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ipò kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ dì mú, ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ kúrò, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, owó ọdún àti àjẹmọ́nú tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ fi àkójọ yìí sọ́kàn. Tí ìwé ọ̀gá kò bá sí, ohun tó kù láti ṣe ni pé kẹ́ ẹ wá ẹ̀rí mìíràn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn.

Iléeṣẹ́ mi ti pa. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó ti pa lóòótọ́. Lórí ẹ̀rọ ayélujára àjọ CAC, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ iléeṣẹ́ láti mọ ipò tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára: tẹ́ ẹ bá rí `INACTIVE` lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ohun tó sábà ń túmọ̀ sí ni pé wọn kò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC. Iléeṣẹ́ tó ń tajà lójoojúmọ́ lè wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá fi ìyẹn nìkan sọ fún Kánádà pé ó ti kú, torí wọ́n lè pe nọ́ńbà kan kí ẹnìkan sì gbé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ béèrè bóyá ẹlòmíì ló rà á. Iléeṣẹ́ tó ra iléeṣẹ́ mìíràn sábà máa ń kó fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn, ó sì lè fi déètì àti ipò yín múlẹ̀ lórí bébà tiẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ènìyàn. Iléeṣẹ́ máa ń kú, àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì máa ń wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò, awakọ̀, ẹni tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà; àwọn wọ̀nyí ló máa ń mọ ibi tí ọ̀gá kó lọ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ. Ẹ wá orúkọ ọ̀gá lórí LinkedIn. Ẹ kọ lẹ́tà sí adírẹ́sì iléeṣẹ́ tó wà ní CAC, kẹ́ ẹ fi iléeṣẹ́ akólẹ́tà tó máa ń fúnni ní rìsíìtì gbé e lọ. Tó bá padà sí yín lọ́wọ́ pé wọn kò rí ẹni gbà á, ẹ má ṣe jù ú nù. Àpòòwé yẹn pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ àti ímeèlì tó padà ni ẹ ó fi hàn pé ẹ wá wọn lóòótọ́.

Mo rí ọ̀gá mi. Ó gbà láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà níbòmíì. Ó ṣì ní bébà iléeṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́, ṣé kó lò ó?

Rárá. Òun náà kò ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ iléeṣẹ́ yẹn mọ́, déètì òní lórí bébà àná yóò sì fi ìwé tó lè jẹ́ ẹ̀rí dáadáa ṣòfò. Kò gbọ́dọ̀ lo ti iléeṣẹ́ tó wà báyìí náà bí wọn kò bá fún un láṣẹ.

Kó kọ ọ́ lórí bébà lásán, lórúkọ ara rẹ̀. Kó sọ ipò tó wà nígbà náà, ìgbà wo sí ìgbà wo ló jẹ́ ọ̀gá yín, àti ìdí tí kò fi sí lórí bébà iléeṣẹ́. Kó sọ ohun tó mọ̀ nìkan. Tí kò bá rántí iye owó oṣù yín, kó fi í sílẹ̀, ìwé báńkì yóò sọ ọ́. Kó fi fóònù tó ń gbé àti ímeèlì tó ń lò sí i, kó sì so ẹ̀rí pé òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́ ọn: káàdì ìdánimọ̀ àtijọ́, tàbí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá fẹ́, ó lè búra sí i ní kóòtù. Ìbúra tirẹ̀ wúlò ju tiyín lọ, a ó débẹ̀.

Ìwé wo ló lè dúró fún èyí tí kò sí?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká tẹ̀ lé e dópin. Arákùnrin kan ṣe akọ̀wé ìṣirò owó níléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń kó ohun èlò ìkọ́lé wọlé, láti April 2016 títí di ìparí August 2019. Oṣù 41 nìyẹn. Iléeṣẹ́ náà pa ní 2020.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Ó ní ipò, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, owó oṣù, ó sì sọ pé agogo 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́, Monday sí Friday, pẹ̀lú wákàtí kan fún oúnjẹ. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Kánádà ka wákàtí 30 lọ́sẹ̀ sí iṣẹ́ kíkún, nítorí náà ó tó, ó ṣẹ́ kù.

Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rí ilé wa, èyí la fẹ́ràn jù, torí ẹni kẹta ló kọ ọ́, oṣù sí oṣù, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ronú Kánádà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí iléeṣẹ́ dá 10. Lórí ₦120,000 tí wọ́n fi ṣírò tirẹ̀ lóṣù, ₦9,600 ni tirẹ̀, ₦12,000 ni ti iléeṣẹ́, àpapọ̀ ₦21,600. Iye yìí gan-an ló ń tún wáyé lórí àkọsílẹ̀ náà, ó sì bá ìwé ìgbanisíṣẹ́ mu.

Ṣùgbọ́n oṣù 33 péré ló wà níbẹ̀. Láti January 2019 ni iléeṣẹ́ ti dá owó náà dúró, bí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń rì ṣe máa ń ṣe. Ibí ni ẹlòmíì ti máa ń páyà, tí á sì fẹ́ fi ayédèrú dí i. Òun lọ sí báńkì, ó gba àkọsílẹ̀ àpò owó rẹ̀, owó oṣù 8 tó kù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 33 àti 8, oṣù 41 ti pé. Ó fi ímeèlì tí wọ́n fi gba ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ kún un fún ọjọ́ tó kúrò.

Ohun kan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn irú iṣẹ́ tó ṣe. Báńkì kò lè sọ ìyẹn. Ẹnu ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló ti wá, ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta báyìí, lórí bébà lásán bí a ṣe sọ lókè.

Owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún mi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Èmi ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yín le, a ò ní tàn yín jẹ. Ẹ wo ohun tó kù: owó tẹ́ ẹ máa ń fi sí àpò yín ní ìparí oṣù, ímeèlì àti àtẹ̀jíṣẹ́ iṣẹ́, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí iléeṣẹ́ rán yín lọ, ẹ̀rí ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn fúnra wọn ní ìwé. Bí owó orí bá ń jáde nínú owó yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ owó orí ìpínlẹ̀ yín. Nígbà míì, gbogbo èyí kò ní tó. Ẹ ka ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Ṣé ìwé ìbúra kóòtù nìkan kò lè ṣe é?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ búra náà lẹ ṣì ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kóòtù tó lu òǹtẹ̀ sí i kò mọ̀ bóyá ẹ ṣiṣẹ́ níbì kankan. Ohun tó jẹ́rìí sí ni pé ẹ wá síwájú rẹ̀, ẹ sì búra. Ó dára láti fi sọ bẹ́ ẹ ṣe wá ọ̀gá tí ẹ kò rí i, kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́. Ìbúra irọ́ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀.

Báwo ni lẹ́tà àlàyé ṣe máa ń rí?

Kúkúrú, láìsí ẹkún nínú rẹ̀. Òyìnbó tàbí Faransé ni ẹ ó fi kọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n báyìí ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe ń lọ:

> Mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ yìí láti April 2016 sí August 2019. Mi ò lè mú ìwé wá lórí bébà wọn torí pé iléeṣẹ́ náà pa ní 2020. Mo kọ̀wé sí ímeèlì wọn, ó padà. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí adírẹ́sì wọn ní CAC, wọn kò rí ẹni gbà á. Ẹ̀rí méjèèjì wà ní ojú ewé 2 sí 4. Dípò rẹ̀, ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi fún ipò, owó àti wákàtí (ojú ewé 5), àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì fún oṣù 33 (ojú ewé 6 sí 8), ti báńkì fún oṣù 8 tí iléeṣẹ́ kò dá owó ìfẹ̀yìntì (ojú ewé 9 sí 11), àti lẹ́tà ọ̀gá mi àtijọ́ fún iṣẹ́ tí mo ṣe (ojú ewé 12).

Ẹ rí i pé ó sọ ibi tí àlàfo wà fúnra rẹ̀, kó tó di pé ẹlòmíì bá a níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, lẹ́tà yìí ni kó ṣíwájú, kẹ́ ẹ sì fi í sí àyè tí wọ́n ti béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Fáìlì tí ìwé kò bá pé nínú rẹ̀ lè padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e yẹ̀ wò. Bí ẹ̀rí yín ṣe lágbára tó, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń wo fáìlì ni ìdájọ́ wà, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí fún yín pé wọn yóò gbà á.

Ọ̀gá mi wà, iléeṣẹ́ wà. Ó kàn kọ̀ ni.

Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ béèrè ní kíkọ, ẹ tọ́jú èsì tàbí àìfèsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kì í kọ ju ipò àti déètì lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gba èyí tí wọ́n bá fún yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tó sún mọ́ yín kọ ìyókù lórúkọ ara rẹ̀.

Ágẹ́ǹtì mi ní òun ti bá mi ṣe é, kí n fọkàn balẹ̀.

Ẹ ní kó fi ìwé náà hàn yín kó tó ránṣẹ́. Orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin ni wọ́n máa dá ọdún 5 fún, ẹ bá à mọ̀ ẹ ò bá à mọ̀. Bákan náà, òfin Kánádà kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbowó láti ṣojú tàbí gba ẹni tó ń béèrè ìwé nímọ̀ràn, àfi lọ́yà wọn tàbí ẹni tí àjọ wọn fún láṣẹ, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ tí gbogbo ènìyàn lè wò. Tí ayédèrú bá ti lọ ná, tí wọn kò sì tíì dáhùn, ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sáré lọ lónìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Tí ẹ̀rí mi kò bá wá tó ńkọ́?

Ẹ má gba máàkì lórí iṣẹ́ náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fi pa mọ́ o. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ láìfi àlàfo sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ka ọdún iṣẹ́ fún máàkì nìkan ni ẹ ó ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ tó rí ìwé ìpè gbà, kẹ́ ẹ sì tún máàkì yín kà láìsí i.

Tí ìwé ìpè bá ti dé, ọjọ́ 60 lẹ ní láti kó gbogbo nǹkan wọlé, ìyẹn sì máa ń kéré fún ẹni tó ṣì ń wá ọ̀gá kiri. Ẹ yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú ìṣirò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá máàkì tó kù ṣì dé iye tí wọ́n fi pe èèyàn lọ́jọ́ yẹn. Tó bá dé, ẹ máa bá a lọ, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé. Tí kò bá dé, ẹ kọ ìpè náà. Kíkọ̀ kò ní ìyà, ẹ ó padà sínú àkójọ àwọn tó ń dúró. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dákẹ́ títí ọjọ́ 60 fi kọjá, wọn yóò yọ yín kúrò níbẹ̀, ẹ ó sì tún fọ́ọ̀mù kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.